Ìdámẹ́wàá Kọ́ Ni Òpin: Owó-orí Lórí Tírẹ́ṣọ́rì Bíìlì, Èlé Báńkì àti Èrè Ṣíà

Ọ̀rọ̀ owó la gbé wá lónìí, àgàgà owó tí ènìyàn fi síbì kan kí ó lè máa bí ọmọ. Ẹ bá wa wá bírò àti bébà, nítorí ìṣirò díẹ̀ wà níbẹ̀. Kò le rárá. Ẹni tó bá lè ṣírò owó ọjà yóò ṣe é.

Láti ìgbà tí ọdún 2026 ti wọlé ni àwọn ènìyàn ti ń bi ara wọn ní ìbéèrè kan náà: "Tírẹ́ṣọ́rì bíìlì tí mo rà tẹ́lẹ̀, gbogbo èrè rẹ̀ ni mo gbà. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé yìí, wọ́n yọ nínú rẹ̀. Ṣé báńkì ló ń fi ọgbọ́n jẹ mí ni?" Rárá o. Òfin ló yí padà. Àmọ́ ìdí tí a fi ya àkókò yìí sọ́tọ̀ ju ìyẹn lọ. Ọ̀pọ̀ ló rò pé bí wọ́n bá ti gé ìdámẹ́wàá èlé, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Kò parí. Ti ẹlòmíràn, owó tí wọ́n gé kéré sí ohun tó yẹ kó san. Ti ẹlòmíràn, ó pọ̀ jù, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gba tirẹ̀ padà. Bí ènìyàn ṣe máa mọ apá ibi tí òun wà ni iṣẹ́ wa lónìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí bíìlì fúnra rẹ̀. Tírẹ́ṣọ́rì bíìlì jẹ́ ìwé gbèsè tí ìjọba àpapọ̀ fi ń yá owó fún ìgbà kúkúrú. Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ló ń bá ìjọba tà á, ọjọ́ 91, ọjọ́ 182 tàbí ọjọ́ 364 ni ó sì máa ń pé. Bíìlì kò dà bí owó tí a gbé sí báńkì, tí èlé ń gun orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Iye kan wà tí wọ́n kọ sí ojú rẹ̀. Ẹ óò rà á ní owó tó kéré sí iye yẹn, nígbà tó bá sì pé, ìjọba yóò san odidi iye ojú ìwé náà. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì, òun ni èlé yín.

Ká sọ pé bíìlì ọlọ́dún kan ni, mílíọ̀nù kan náírà ló wà lójú rẹ̀, wọ́n sì tà á ní ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún. Àpẹẹrẹ lásán ni iye yìí, nítorí títà kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀. Kí ìṣirò má baà gùn, ẹ jẹ́ ká ka ọjọ́ 364 sí ọdún kan gbáko. Ẹ óò san ₦840,000 lónìí. Nígbà tó bá pé, ₦1,000,000 ni yóò padà wá. Èlé yín jẹ́ ₦160,000.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan níbí o. Wọ́n ní ìdá 16, ṣùgbọ́n ₦840,000 ló kúrò lápò yín, kì í ṣe mílíọ̀nù kan. Bí ẹ bá wo ₦160,000 lórí ₦840,000, èrè yín gan-an jẹ́ nǹkan bí ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ fi iye yìí pamọ́ sọ́kàn, a máa padà nílò rẹ̀.

Nísinsìnyí, kí ni òfin wí? Fún ọdún pípẹ́, ìjọba ò gba owó-orí lórí àlàfo yẹn. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ènìyàn àti ilé-iṣẹ́ máa yá ìjọba lówó, wọ́n sì fi àìgbowó-orí fa ojú wọn mọ́ra. Àṣẹ tó fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní àǹfààní yìí bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2012, ọdún 10 péré ni wọ́n sì fún un, nítorí náà ó parí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022. Òfin owó-orí ti ẹnìkọ̀ọ̀kan tí wọ́n tún ṣe ní 2011 náà fi irú àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún àwa mẹ̀kúnnù. Ìyẹn ló jẹ́ kó mọ́ wa lára pé bíìlì ìjọba kò ní owó-orí.

Lọ́jọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin owó-orí tuntun, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní ọdún 2026. Nínú òfin yìí, bọ́ǹdì ìjọba àpapọ̀ ṣì bọ́ lọ́wọ́ owó-orí, ṣùgbọ́n bíìlì kò sí lára ohun tí wọ́n dá sí mọ́. Kódà kí ọdún 2025 tó parí ni àjọ agbowó-orí ìjọba àpapọ̀ ti pàṣẹ fún àwọn báńkì àti àwọn alágbàtà pé kí wọ́n máa gé ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lórí èlé irú àwọn ìwé ìgbà kúkúrú bẹ́ẹ̀, nígbà tí èlé náà bá di sísan. Bí ẹnìkan bá sì fẹ́ jiyàn pé àlàfo iye kì í ṣe èlé, kí ó mọ̀ pé òfin náà ka irú ẹ̀dínwó bẹ́ẹ̀ sí owó tó wọlé.

Ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ìdámẹ́wàá náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìdámẹ́wàá kí ni? Ìdámẹ́wàá èlé ni o, kì í ṣe ti owó tí ẹ fi ra ìwé. Nínú àpẹẹrẹ wa, wọ́n á gé ₦16,000 nínú ₦160,000, ₦144,000 á sì kù sí yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n gé ₦100,000, ẹnìkan ti ṣírò rẹ̀ lórí mílíọ̀nù kan, ẹ tètè gba báńkì lọ.

Èlé owó tí a gbé sí báńkì kò yàtọ̀. Bí ẹ bá fi ₦500,000 pamọ́ fún ọdún kan ní ìdá 12, èlé rẹ̀ jẹ́ ₦60,000. Báńkì á gé ₦6,000, á sì fún yín ní ₦54,000. Eléyìí kì í ṣe tuntun, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é. Bí ẹ bá wo ìwé àkáǹtì yín, ẹ ó sábà rí i ní ìlà méjì: ìlà kan fún èlé tó wọlé, ìlà kejì fún owó tó jáde, pẹ̀lú lẹ́tà mẹ́ta yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: WHT. Lẹ́tà mẹ́ta yẹn ni àmì owó-orí tí wọ́n gé kí owó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Àwa yóò máa pè é ní owó-orí àgésílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá lọ́jú pọ̀ nìyí. Owó-orí àgésílẹ̀ lórí èlé dà bí àsansílẹ̀ tí oníbàárà fi lé télọ̀ lọ́wọ́. Owó iṣẹ́ gan-an kò tíì hàn. Nígbà tí aṣọ bá parí ni wọn yóò jókòó ṣírò, tí ó bá kù, oníbàárà yóò fi kún un, tí ó bá sì lé, télọ̀ yóò dá a padà. Àjọ agbowó-orí ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ nínú ìkéde rẹ̀ pé ẹni tí wọ́n gé owó rẹ̀ lórí bíìlì yóò rí i gbà gẹ́gẹ́ bí owó tí ó ti san sílẹ̀, àyàfi níbi tí òfin bá ti pe ohun tí wọ́n gé ní owó-orí àṣekágbá. Fún èmi àti ẹ̀yin tí à ń gbé Nàìjíríà, ìparí ọdún ni ìṣirò ń wáyé, nígbà tí a bá kó gbogbo owó tó wọlé fún wa pọ̀ sójú kan.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀? Òfin tuntun pín owó tó wọlé fún ènìyàn láàárín ọdún sí ìpele ìpele. ₦800,000 àkọ́kọ́, kò sí owó-orí lórí rẹ̀ rárá. ₦2,200,000 tó tẹ̀lé e, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Mílíọ̀nù 9 tó tẹ̀lé ìyẹn, ìdá 18. Ó ń gòkè bẹ́ẹ̀ títí dé ìdá 25 fún owó tó bá kọjá mílíọ̀nù 50. Kí a tó gun àtẹ̀gùn yìí, òfin gbà kí a kọ́kọ́ yọ àwọn nǹkan kan kúrò. Ọ̀kan nínú wọn ni owó ilé: ìdá 20 nínú owó ilé tí ẹ san lọ́dún ni ẹ óò yọ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹnìkan ṣe àpẹẹrẹ. A ó pè é ní Màmá Bọ́sẹ̀. Aṣọ àǹkárá ló ń tà ní Gbági n'Íbàdàn. Ní ọdún 2026, lẹ́yìn tó ti yọ owó ṣọ́ọ̀bù, owó ọkọ̀ àti owó ọmọ iṣẹ́, èrè ọjà rẹ̀ jẹ́ ₦2,600,000. Ó ní bíìlì tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, tó mú ₦160,000 wá. Ó tún ní owó báńkì tó mú ₦60,000 wá. Owó ilé tó ń gbé jẹ́ ₦600,000 lọ́dún.

A ó kó owó tó wọlé fún un pọ̀: ₦2,600,000, a fi ₦160,000 kún un, a fi ₦60,000 kún un, ó di ₦2,820,000. Ẹ rí i pé odidi èlé la kọ sílẹ̀, a ò kọ èyí tó kù lẹ́yìn tí wọ́n gé e. Ìdá 20 nínú owó ilé rẹ̀ jẹ́ ₦120,000. A yọ ìyẹn, ó ku ₦2,700,000. ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ lófo, ó ku ₦1,900,000. Ìdá 15 nínú rẹ̀ jẹ́ ₦285,000. Gbogbo owó-orí Màmá Bọ́sẹ̀ fún ọdún náà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ó ti san lára rẹ̀. Wọ́n gé ₦16,000 lórí bíìlì, wọ́n gé ₦6,000 lórí owó báńkì, ₦22,000 nìyẹn. Bí a bá yọ ọ́ nínú ₦285,000, ₦263,000 ló kù tí yóò san.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí èlé nìkan fà. Ká ní kò ní bíìlì, kò sì ní owó ní báńkì, owó-orí rẹ̀ ì bá jẹ́ ₦252,000. Ìyẹn ni pé èlé ₦220,000 ló fi ₦33,000 kún owó-orí rẹ̀. Ó ti san ₦22,000 sílẹ̀, ₦11,000 ló kù lọ́rùn rẹ̀. Ìpele ìdá 15 ni Màmá Bọ́sẹ̀ wà, ìdá 10 ni wọ́n gé. Ìdá 5 tó ṣẹ́ kù ni ₦11,000 yẹn. Ẹni tó bá wà ní ìpele ìdá 18 tàbí ìdá 21, àlàfo tirẹ̀ á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ló fà á tí a fi sọ pé ìdámẹ́wàá kọ́ ni òpin.

Ìhà kejì ńkọ́? Ká sọ pé bàbá kan wà ní Òṣogbo, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ni ó ń jẹ lóṣooṣù, òfin kò sì gba owó-orí lórí owó ìfẹ̀yìntì. Nínú owó ìdágbére tí wọ́n fún un, ó fi ra bíìlì tó mú ₦300,000 wá láàárín ọdún. Báńkì gé ₦30,000 níbẹ̀, nítorí báńkì kì í bi ènìyàn bóyá ó lówó tàbí kò lówó; gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń gé ìdámẹ́wàá tiwọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá jókòó ṣírò, owó tí òfin lè gba owó-orí lórí rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá yìí jẹ́ ₦300,000 péré. Kò tó ₦800,000. Owó-orí rẹ̀ jẹ́ òdo. ₦30,000 tí wọ́n gé, tirẹ̀ ni. Ó lè béèrè pé kí wọ́n dá a padà, tàbí kí wọ́n fi pamọ́ de owó-orí ọjọ́ iwájú. Àmọ́ kò sí ẹni tí yóò gbé owó náà wá bá a nílé. Bí kò bá kọ fọ́ọ̀mù owó-orí ọdọọdún, tí kò sì so ẹ̀rí mọ́ ọn, ó lọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kàn sí ṣíà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá jèrè, ó kọ́kọ́ san owó-orí tirẹ̀ fún ìjọba. Nínú èyí tó kù, àwọn olùdarí lè dábàá pé kí wọ́n pín díẹ̀ fún àwọn tó ni ṣíà, kí ìpàdé gbogboogbò ọdọọdún sì fọwọ́ sí i. Ohun tí wọ́n pín yìí là ń pè ní dífídẹ́ńdì. Iye tó kan ṣíà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń kéde. Ká sọ pé ẹ ní ṣíà 20,000, ilé-iṣẹ́ sì kéde náírà 2 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. ₦40,000 ni ìpín yín. Níbí pẹ̀lú, wọ́n á gé ìdámẹ́wàá, ìyẹn ₦4,000, kí wọ́n tó fi ₦36,000 ránṣẹ́ sí àkáǹtì yín.

Nígbà tí wọ́n ń fi ìwé sọ̀wédowó ránṣẹ́ láyé àtijọ́, ohun mẹ́ta ló máa ń wà lára ìwé tó bá a wá: odidi ìpín, owó-orí tí wọ́n gé, àti èyí tó kù. Nísinsìnyí tí owó ń wọ àkáǹtì tààrà, ₦36,000 nìkan ni fóònù yín yóò ké sí yín lórí. Owó-orí tí wọ́n gé kò hàn níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ béèrè ìwé àlàyé dífídẹ́ńdì lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ìwé orúkọ àwọn oníṣíà ilé-iṣẹ́ náà, tàbí lọ́wọ́ alágbàtà yín. Tí ẹ bá fẹ́ mọ odidi ìpín láìdúró de ìwé, ẹ pín owó tó wọlé sí ọ̀nà 9, kí ẹ wá fi ìdá kan kún un. ₦36,000 ní ọ̀nà 9 jẹ́ ₦4,000. Ẹ fi kún un, ó di ₦40,000. Bí iye yìí kò bá dọ́gba pẹ̀lú ṣíà yín tí ẹ sọ di ìlọ́po iye tí wọ́n kéde, nǹkan kan ti wọ́. Ó lè jẹ́ pé díẹ̀ nínú ṣíà yín ṣì wà lábẹ́ orúkọ àtijọ́, àgàgà ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ra ṣíà kí ẹ tó wọlé ọkọ.

Nínú fọ́ọ̀mù, ẹ má da dífídẹ́ńdì pọ̀ mọ́ èlé. Ẹ kọ ọ́ ní ìlà tirẹ̀: orúkọ ilé-iṣẹ́, odidi ìpín, owó tí wọ́n gé. Bí ẹ bá ta ṣíà náà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú èrè, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, òfin tirẹ̀ wà lọ́tọ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù tó sì ń náni lówó jù lọ ni pé kí ènìyàn kọ iye tó wọ àkáǹtì sílẹ̀ dípò odidi èlé. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Màmá Bọ́sẹ̀. Ká ní ó kọ ₦144,000 fún bíìlì àti ₦54,000 fún owó báńkì, tí kò sì sọ̀rọ̀ nípa owó tí wọ́n ti gé. Ohun tó kọ jẹ́ ₦198,000. Ìdá 15 nínú rẹ̀ jẹ́ ₦29,700, yóò sì san án. Ṣùgbọ́n ₦22,000 ti lọ tẹ́lẹ̀. Àròpọ̀ méjèèjì di ₦51,700, nígbà tó jẹ́ pé ₦33,000 péré ló jẹ. Ó fi ₦18,700 ṣòfò nítorí pé ó kọ iye tí kò yẹ.

Ọ̀ràn kejì ni orúkọ. Kí wọ́n tó lè ka owó tí wọ́n gé mọ́ yín lọ́wọ́, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ yín àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ yín ló wà lórí rẹ̀. Nínú ètò tuntun yìí, NIN tí gbogbo wa gbà ni wọ́n fi ń dá ẹnìkọ̀ọ̀kan mọ̀ fún owó-orí. Bí ẹ bá fi orúkọ ọmọ yín ra bíìlì, tàbí tí ẹ fi owó yín sínú àkáǹtì ọ̀rẹ́ kí ó bá yín rà á, owó-orí tí wọ́n gé ti di ti ẹni tó ni orúkọ. Ẹ kò ní rí i béèrè. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pé NIN tó wà ní báńkì, ti alágbàtà àti ti iléeṣẹ́ owó-orí jẹ́ ọ̀kan náà, kí orúkọ sì tò bákan náà lórí wọn.

Ọ̀ràn kẹta ni bọ́ǹdì. Bọ́ǹdì ìjọba àpapọ̀ kò ní owó-orí lórí èlé rẹ̀, àti bọ́ǹdì ńlá, àti bọ́ǹdì ìfowópamọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2017 fún àwa tí owó wa kò pọ̀. Ti ìfowópamọ́ yìí, ₦5,000 ni ènìyàn lè fi bẹ̀rẹ̀, ọdún méjì tàbí mẹ́ta ló ń pé, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sì ń san èlé rẹ̀. Bí èlé bọ́ǹdì ìjọba àpapọ̀ bá wọ àkáǹtì yín, tí ẹ sì rí lẹ́tà mẹ́ta tí a sọ yẹn ní abẹ́ rẹ̀, báńkì ti ṣì í gé. Ẹ mú ìwé bọ́ǹdì náà lọ bá wọn, kí wọ́n dá a padà. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: bọ́ǹdì ìjọba àpapọ̀ là ń wí. Bọ́ǹdì tí ilé-iṣẹ́ aládàáni tà wà lára àwọn tí àjọ náà ní kí wọ́n máa gé.

Èwo wá ni kí ènìyàn rà nínú bíìlì àti bọ́ǹdì? Ìpele owó-orí yín ni yóò dáhùn. Ẹ rántí pé bíìlì wa mú èrè bí ìdá 19 wá lórí owó tó jáde lápò gan-an. Fún bàbá Òṣogbo tí owó-orí rẹ̀ jẹ́ òdo, bí ó bá béèrè owó rẹ̀ padà, odidi ìdá 19 náà ló jẹ. Fún Màmá Bọ́sẹ̀ tó wà ní ìdá 15, ₦24,000 ni owó-orí bíìlì rẹ̀ bí a bá ṣírò rẹ̀ tán. ₦136,000 ló kù lórí ₦840,000, ìyẹn sì jẹ́ nǹkan bí ìdá 16. Fún ẹni tó wà ní ìpele ìdá 21, ó sọ̀ kalẹ̀ sí bí ìdá 15. Nítorí náà, bí bọ́ǹdì ìfowópamọ́ bá ń san ìdá 14, bíìlì yìí ṣì ju bọ́ǹdì lọ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí bọ́ǹdì bá ń san ìdá 16, ó tó bíìlì Màmá Bọ́sẹ̀, ó sì ti borí ti ẹni ìdá 21. Ẹ fi ìdá tó kù lẹ́yìn owó-orí wé ara wọn, ẹ má fi iye tí wọ́n kọ síta wé ara wọn. Kí ẹ sì rántí pé owó bọ́ǹdì yóò wà níbẹ̀ fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, nígbà tí bíìlì kì í kọjá ọdún kan.

Ó ku ibi tí a ó gbé gbogbo ìṣirò yìí lọ. Ẹnìkọ̀ọ̀kan wa, iléeṣẹ́ owó-orí ìpínlẹ̀ tí a ń gbé ni. Ẹni tó ń gbé Ìbàdàn, ti Ọ̀yọ́ ni. Ẹni tó ń gbé Ìkẹjà, ti Èkó ni, bí báńkì tó ti ra bíìlì tiẹ̀ wà ní Àbújá. Fọ́ọ̀mù fún owó tó wọlé ní ọdún 2026 gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn kí ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2027 tó kọjá. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba àti òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́, ẹ má sọ pé wọ́n ti gé owó-orí yín nínú owó oṣù. Owó oṣù nìkan ni ọ̀gá yín mọ̀; kò mọ̀ pé ẹ ní bíìlì. Ẹ̀yin fúnra yín ni yóò kọ ọ́. Ẹni tí kò bá sì fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ lásìkò, ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́, àti ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tún kọjá lé e. Ẹ fi wé ₦11,000 tó kù lọ́rùn Màmá Bọ́sẹ̀ lórí èlé rẹ̀.

Ohun tí ẹ óò kó jọ kò pọ̀. Fún bíìlì kọ̀ọ̀kan, ẹ tọ́jú ìwé tí báńkì fún yín lọ́jọ́ tí ẹ rà á, èyí tó ní iye ojú ìwé, iye tí ẹ san àti ọjọ́ tí yóò pé. Fún owó báńkì, ẹ gba ìwé àkáǹtì odindi ọdún, kí ẹ fàlà sí abẹ́ èlé kọ̀ọ̀kan àti owó tí wọ́n gé lórí rẹ̀. Fún ṣíà, ìwé àlàyé dífídẹ́ńdì. Kí ẹ wá béèrè lọ́wọ́ báńkì tàbí alágbàtà fún ẹ̀rí owó-orí tí wọ́n gé, tí orúkọ àti nọ́ńbà yín wà lórí rẹ̀. Ẹ má dúró di oṣù kẹta kí ẹ tó béèrè. Nígbà yẹn ni gbogbo ènìyàn máa tò síwájú tábìlì wọn. Bíìlì tó bá pé lóṣù yìí, oṣù yìí ni kí ẹ gba ẹ̀rí rẹ̀.